Ìpolówó Tó Kẹ́yìn Kọ́ Ló Tajà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Òǹkọ̀wé yín ní kí oníṣòwò máa náwó sórí ìpolówó tí oníbàárà tẹ̀ kẹ́yìn kó tó rajà. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ti gbọ́ nípa ọjà lórí rédíò, tó tún rí i lórí Facebook, yóò kàn wá orúkọ iléeṣẹ́ náà lórí Google ni. Ìpolówó tó bá pàdé níbẹ̀ ló máa gba gbogbo ìyìn.

Ní 2012, eBay dá irú ìpolówó orúkọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró lórí Yahoo àti MSN ní Amẹ́ríkà. Nínú 100 èèyàn tí ì bá tẹ̀ ẹ́, ó lé ní 99 tó ṣì wọlé láti ojú ìwé àwárí kan náà, lọ́fẹ̀ẹ́.

Pípín ìyìn dọ́gba fún gbogbo ìpolówó náà kò tán ìṣòro yìí, torí kò sọ ẹni tí ì bá rà láìrí ìpolówó kankan. Kí oníṣòwò dá ìpolówó kan dúró ní ìlú mélòó kan, kó fi í sílẹ̀ ní àwọn ìlú tó jọ wọ́n, kó wá fi iye ọjà tó tà wéra. eBay náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ìpolówó rẹ̀ tí kò ní orúkọ iléeṣẹ́ náà nínú, ó sì rí i pé àwọn oníbàárà tuntun àti àwọn tí kì í rà déédéé ni irú ìpolówó yẹn ń sún rajà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn