Máàkì 25, Ìpínrọ̀ Mélòó?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń múra ìdánwò Wáẹ̀kì gbé ìwé ìdáhùn rẹ̀ wá fún mi láìpẹ́ yìí. Ìbéèrè méjì ló dáhùn. Ó kọ ojú-ìwé mẹ́rin àbọ̀ sí èkínní, ó sì kọ ìlà mọ́kànlá péré sí èkejì. Bẹ́ẹ̀, máàkì 25 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọmọ náà ka ìwé rẹ̀ dáadáa; kò kàn wọn ìdáhùn kí ó tó fi bíírò kan ìwé ni.

Láti ara aago ni ìwọ̀n náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú Lítíréṣọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ni Wáẹ̀kì fún ìbéèrè méjì lórí ìtàn àròsọ, tí àpapọ̀ máàkì wọn jẹ́ 50. Fún eré oníṣe àti ewì, ìbéèrè mẹ́rin ni, wákàtí méjì àbọ̀, máàkì 100. Ọ̀nà méjèèjì já sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ fún máàkì kan. Nítorí náà, ìbéèrè máàkì 25 ní ìṣẹ́jú 37 àti ààbọ̀. Bí a bá fi 5 ṣètò, tí a fi nǹkan bí 4 ṣàtúnkà, 28 ló kù fún kíkọ.

Ìyàrá ọwọ́ kò dọ́gba, kálukú ni yóò wọn tirẹ̀: ẹ kọ̀wé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì ka iye ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ. Ọmọ wa ń kọ ọ̀rọ̀ 15 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó já sí 420. Mo ní kí ó fi 40 ṣe ìfáárà, 40 ṣe ìkádìí. Èyí tó kù, 340, gba kókó mẹ́rin ní ọ̀rọ̀ 85 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kó kókó mẹ́fà jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní tó 60. Àlàyé ni yóò kọ́kọ́ sọnù, ìtàn nìkan ni yóò sì kù.

Ẹ jẹ́ kí a mú eré Wọlé Ṣóyínká nípa Kìnnìún àti Ohun Ọ̀ṣọ́, kí ìbéèrè náà sì jẹ́: fi Lákúnlé wé Baróka lórí ọ̀rọ̀ àṣà àti ọ̀làjú. Kí a tó to kókó, ó yẹ kí a mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Tèmi ni pé ẹnu ni Lákúnlé fi ń ṣe ọ̀làjú, àmọ́ Baróka tí a pè ní aláṣà ló mọ ọ̀làjú lò. Kókó mẹ́rin náà wá tò lẹ́yìn rẹ̀: Lákúnlé kọ̀ láti san owó orí Sídì, Lákúnlé kan náà fa ìwé yọ láti sọ pé ọpọlọ obìnrin kéré, Baróka fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ yí ọ̀nà rélùwéè kúrò ní Ìlújinlẹ̀, Baróka fi ẹ̀rọ tí ń tẹ sítáǹbù fa ojú Sídì mọ́ra.

Ìpínrọ̀ kẹrin lè rí báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi kọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn: “Baróka kò kórìíra ohun ìgbàlódé bí ó bá ti lè wúlò fún un. Ó fi ẹ̀rọ sítáǹbù han Sídì, ó sì ṣèlérí pé àwòrán rẹ̀ ni yóò wà lára sítáǹbù náà. Ìwé ìròyìn ti kọ́ Sídì láti fẹ́ràn àwòrán ara rẹ̀, Baróka sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Lákúnlé fi gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá tí kò rí, ohun èlò òyìnbó kan ló bá baálẹ̀ mú un.” Ẹ kíyè sí i: gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìtàn.

Ibẹ̀ ni ojú-ìwé mẹ́rin àbọ̀ yẹn ti bàjẹ́. Mo ní kí ọmọ náà fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó bá kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlà bo ojú-ìwé mẹ́ta. Ó tún banú jẹ́ pé ijó Sàdíkù, nígbà tó gbọ́ pé agbára ọkùnrin ti tán lára Baróka, kò ráyè nínú kókó mẹ́rin náà. Èmi náà fẹ́ràn ijó yẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò bi wá nípa Sàdíkù.

Bí olùkọ́ bá wá pín ìbéèrè sí méjì, máàkì 15 àti 10, ìṣẹ́jú 15 ni apá kékeré ní. Kò sí àyè ìfáárà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Baróka nìkan ni wọ́n bèèrè, rélùwéè àti sítáǹbù ti tó.