Ẹ Yé Fi Kohọ́ọ̀tù Dẹ́rù Ba Akẹ́kọ̀ọ́

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Wọ́n ní kohọ́ọ̀tù, ìwádìí tí a fi ń tẹ̀lé àwọn tí ara wọn dá títí àìsàn yóò fi mú díẹ̀ nínú wọn, ni baba gbogbo ìwádìí. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ Kùtọnu tó bá gba ọ̀nà mìíràn wá ohun tó ń fa àtọ̀gbẹ, ọ̀lẹ ni. Mo gbà pé ẹni tó rí ikùn ńlá lónìí, tó wá rí àtọ̀gbẹ lára ẹni kan náà lọ́dún márùn-ún sí i, mọ èyí tó ṣáájú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti inú òótọ́ kékeré yìí ni wọ́n ti ń di ẹrù tí oṣù mẹ́sàn-án akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà wò láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, ní Àkpàkpà àti Cadjèhoun, ó yọ gbogbo ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé gíráàmù 1.26 nínú lítà kan kúrò, ó sì ku 400 ènìyàn. Ká tún ní àtọ̀gbẹ ń mú ẹnì kan nínú 100 lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún kan gbáko, ẹni mẹ́rin ló máa rí. Bí mẹ́ta nínú wọn bá jẹ́ oníkùn ńlá, kí ni yóò rí sọ? Bí ẹnì kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kó lọ sí Àjàṣẹ́, tí òmíràn bá bá òwò lọ sí Èkó tí fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́, ìdajì ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Kó tó rí 100 aláìsàn, àfi kó tẹ̀lé 400 yẹn fún ọdún 25, tàbí kó tẹ̀lé 10,000 fún ọdún kan. Àwọn tó ṣe kohọ́ọ̀tù Framingham ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1948 pẹ̀lú 5,209 ènìyàn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi dúró. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Tanvè lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa níbí ní 2015, iṣẹ́ ẹgbẹ́ olùwádìí ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé kan. Ìwà ìkà ni kí á mọ èyí, kí á tún máa béèrè kohọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ọmọ tó ń fi owó ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣèwádìí!

Nígbà náà, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àìsàn. Kó wá 150 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé àtọ̀gbẹ ni, kó wá 150 aládùúgbò wọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ tiwọn, kó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aládùúgbò náà wò, torí ọ̀pọ̀ ló ní àtọ̀gbẹ tí kò mọ̀. Ká ní 75 nínú àwọn aláìsàn ló ti sanra níkùn tẹ́lẹ̀, tí ti àwọn yòókù jẹ́ 45. Ní ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn, 75 ń kojú 75. Ní ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, 45 ń kojú 105. Bí a bá fi èkejì pín èkíní, a ó rí 2.3, àárín 1.45 sí 3.75 ni ó sì ṣeé ṣe jù kí òótọ́ wà. Ìdáhùn tó dúró nìyẹn, láàárín oṣù díẹ̀.

Wọ́n á ní aláìsàn máa ń ṣi nǹkan rántí. Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá oúnjẹ: ẹni tí dókítà ti ní kó yéé mu ṣúgà yóò sọ pé òun kì í mu ún, ìwé yóò wá fi hàn bí ẹni pé ṣúgà ń dáàbò bò wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kó jẹ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àìsàn lára wọn. Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ tún ń mú kí ènìyàn rù, nítorí náà inú ìwé ìlera àtijọ́ ni kó ti wá ìwọ̀n ara, kó má gbẹ́kẹ̀ lé òṣùwọ̀n òní nìkan. Kó má sì lọ kó àwọn tí yóò fi wéra ní yàrá àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru, torí ìsanra ló kó ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀; ìyàtọ̀ yóò parẹ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀nà yìí kò lágbára, kó rántí pé Doll àti Hill fi 709 alárùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wé 709 ẹlòmíràn ní 1950, sìgá sì hàn kedere, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn dókítà ní 1951.

Ìwádìí ojú-ẹsẹ̀, tó ń wo gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yẹ ẹni tó fẹ́ mọ iye aláìsàn tó wà ní Tọkpá. Kò lè sọ èyí tó ṣáájú. Bí kohọ́ọ̀tù bá sì ti wà nílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tọrọ ìwé rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń fọwọ́ sí àbá ìwádìí, kí ẹ tó kọ "kohọ́ọ̀tù" sí etí ìwé ọmọ olọ́mọ, ẹ kọ́kọ́ kọ iye aláìsàn tuntun tí yóò rí kí ọdún tó parí síbẹ̀.