Wọ́n rán ọwọ́ rẹ̀, ẹ wá kọ "ìtọ́jú àkọ́kọ́"?

Tí èèyàn bá farapa níbi iṣẹ́, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n máa ń kọ. Ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀: báwo ni ìpalára náà ṣe le tó? Ọ̀pọ̀ rò pé iye ẹ̀jẹ̀ tó jáde, tàbí bí onítọ̀hún ṣe pariwo tó, la fi ń dáhùn. Rárá o. Ohun méjì ló ń pinnu rẹ̀: irú ìtọ́jú tí wọ́n ṣe, àti bóyá ẹni náà lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń gé páànù ní ilé-iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, etí páànù la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìlànà OSHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, la máa fi wọ̀n ọ́n. Ìpín tó jọ ọ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì náà ń lò káàkiri ayé.

Tí nọ́ọ̀sì bá fọ ojú egbò, tó lẹ pílásítà mọ́ ọn, tó sì gún un lábẹ́rẹ́ ìpá, ìtọ́jú àkọ́kọ́ nìyẹn. Kódà bó jẹ́ dókítà ló ṣe é ní ọsibítù, orúkọ rẹ̀ ò yí padà. Ohun tí wọ́n ṣe là ń wò, a ò wo ẹni tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ojú egbò náà, ó ti kúrò ní ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ìtọ́jú ìṣègùn ló dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gbẹ́ni padà sídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Tí dókítà bá ní kó má fi ọwọ́ yẹn gbé ẹrù, ó gun àkàbà kan sí i: iṣẹ́ tí a dín kù nìyẹn. Tó bá wá ní kó lọ sinmi nílé, ó ti di ìpalára tó gba ọjọ́ iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń kọ ní LTI.

Bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ náà nìyí. Wọn kì í ka ọjọ́ tó farapa. Tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a ó ka Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú. Ọjọ́ 5 ni, torí pé wọ́n ń ka òpin ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn.

Ibí ni wàyó ti máa ń wọlé. Ọ̀gá á rán mọ́tò lọ gbé e nílé, á ní kó kàn wá jókòó sí ọ́fíìsì, kí wọ́n lè kọ pé kò pàdánù ọjọ́ kankan. Kí ló fà á? Ìṣirò ni. Wọ́n máa ń sọ iye LTI di ìlọ́po mílíọ̀nù 1, wọ́n á wá fi wákàtí tí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe pín in. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 200, tí kálukú ṣe wákàtí 2,000 lọ́dún, ti ní wákàtí 400,000. LTI kan ṣoṣo á gbé wọn láti òdo lọ sí 2.5. Ẹni tó ń lé bọ́nọ́ọ̀sì ò fẹ́ rí i.

Àmọ́ ìlànà ti dí ihò yẹn. Tí dókítà bá ti ní kó dúró nílé, ọjọ́ yẹn ni kí wọ́n kọ sílẹ̀, ì báà wá síbi iṣẹ́ tàbí kó má wá. Tí dókítà ò bá sì sọ bẹ́ẹ̀, jíjókòó lásán kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì jẹ́ iṣẹ́ tí a dín kù. Kò lè jẹ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́.

Àṣìṣe mìíràn tún wà tí kì í ṣe ti wàyó: wọ́n á kọ ìpele lọ́jọ́ kìíní, wọn ò ní padà wò ó mọ́. Ká ní pílásítà nìkan ni wọ́n lẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí egbò wá kẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, tí dókítà ní kó lọ sinmi. Ó yẹ kí fọ́ọ̀mù yẹn yí padà.

Lójú tèmi, òṣìṣẹ́ ló ń san gbèsè irọ́ yìí. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtánràn òṣìṣẹ́ fún ẹni tó farapa ní ọjọ́ 14 láti fi tó ilé-iṣẹ́ létí, ó sì fún ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó ìjọba létí. Bí ìka ọ̀dọ́kùnrin yẹn ò bá ká mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé wo ló máa gbè é, nígbà tí fọ́ọ̀mù sọ pé pílásítà lásán ni?

Torí náà, kò yẹ kí ọ̀gá tó ń gba bọ́nọ́ọ̀sì lórí òdo jẹ́ ẹni tó ń kọ ìpele. Ẹ fi ìwé kílíníìkì àti ìwé tí wọ́n fi ń sàmì wíwá síbi iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù. Tí kílíníìkì bá kọ pé wọ́n rán egbò, tí fọ́ọ̀mù ń sọ pílásítà, ẹ ti mọ èyí tó ń purọ́. Kí ẹni tó farapa náà sì ka ohun tí wọ́n kọ, kó tó fọwọ́ sí i.