Iná Kì í Mú Oró Inú Àgbàdo Tó Bu Kúrò

Ní ọdún 2004, ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, pàápàá ní Makuéni àti Kitúì, ènìyàn 317 ni àìsàn ẹ̀dọ̀ kọlù lẹ́yìn tí wọ́n jẹ àgbàdo tí a kó pamọ́ láìgbẹ dáadáa. 125 nínú wọn ló kú.

Iná lè pa èébu, ṣùgbọ́n oró tí èébu ti tú sínú hóró, afilatọ́sìn, kì í túká àfi bí ooru bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 230 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Omi tó ń hó nínú ìkòkò kì í ju 100 lọ. Yíyan ẹ̀pà lè dín oró náà kù. Kò lè mú un tán.

Nítorí náà, kí a tó gbé e kaná, ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ. Ẹ ṣa hóró tó ní èébu aláwọ̀ ewé tàbí eérú, èyí tó hunjọ, àti èyí tí kòkòrò jẹ, dànù. Ẹ̀pà tó bá korò lẹ́nu, ẹ tu ú. Hóró díẹ̀ ni oró náà sábà máa ń pọ̀ sí, ìdí nìyí tí ṣíṣà fi ń ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, hóró tó mọ́ lójú lè ní oró nínú. Bí òórùn èébu bá ti gba gbogbo àpò, ẹ má ṣe fi lọ ògì, ẹ má sì ṣe fún adìyẹ jẹ.