Ìpàdé Tí Iye Kò Pé: Kí Ni Akọ̀wé Yóò Kọ?

Àṣà burúkú kan wà nínú àwọn ẹgbẹ́ wa tí ó tọ́ kí a dojú ìjà kọ ní gbangba. Bí a bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn, ohun tí ojú wa yóò kọ́kọ́ bà ni pé "ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni ó péjọ," tàbí pé "ìpàdé náà kún." Mélòó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀? Mélòó ni òfin ẹgbẹ́ béèrè? Akọ̀wé kò sọ ọ́, alága kò sì bi í. Gbogbo àwọn tí ó jókòó ní ọjọ́ náà mọ̀ pé àwọn kò ju 11 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka ìwé náà ní ọdún mẹ́ta sí i kò ní mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni a ń kọ ìwé sílẹ̀ fún.

Mo mọ ẹgbẹ́ kan, èmi kò ní dárúkọ rẹ̀, tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká. Wọ́n pinnu pé kí olúkúlùkù dá owó láti ra ilẹ̀ tí a ó kọ́ gbọ̀ngàn sí, wọ́n sì san àsansílẹ̀ fún onílẹ̀. Nígbà tí a béèrè owó lọ́wọ́ àwọn tí kò wá, wọ́n ní àwọn díẹ̀ kò lè ti inú yàrá kan di ẹrù lé àwọn lórí. A ṣí ìwé, a kò bá iye kankan níbẹ̀. Àwọn tí ó wá wí pé àwọn pé. Àwọn tí kò wá wí pé irọ́ ni. Ìwé tí ó yẹ kí ó parí ìjà kò ní ẹnu tí yóò fi sọ̀rọ̀, àsansílẹ̀ náà sì bá ìjà náà lọ.

Iye tí òfin béèrè kí ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu ni a ń pè ní kọ́róọ̀mù. Èmi kò bá orúkọ jà. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni mo ń wò, èyí ni pé kí àwọn díẹ̀ má baà fi orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ ṣe ohun tí ẹgbẹ́ kò mọ̀ sí. Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi í sí ìdá kan nínú mẹ́ta fún àwọn ilé aṣòfin wa. Àwọn aṣòfin àgbà jẹ́ 109. Nítorí náà 37 ni iye tí ó tó, nítorí 36 kò tíì kún ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe da iye tí ó tó jókòó pọ̀ mọ́ iye tí ọ̀ràn kan pàtó béèrè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006, 18 nínú àwọn 32 tí ó wà ní Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Ràṣídì Ládọjà. Àwọn 18 ju iye tí ó tó jókòó lọ, nítorí 11 ti tó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin ni òfin béèrè fún yíyọ gómìnà, èyí tí í ṣe 22. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé asán ni ìyọnípò náà, Ládọjà sì padà sí ipò rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí òfin rẹ̀ bá béèrè iye tí ó ga fún títa ilẹ̀ tàbí yíyí òfin padà gbọ́dọ̀ kọ iye méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹgbẹ́ kan tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 46, tí òfin rẹ̀ sì béèrè ìdá kan nínú mẹ́ta. 16 ni a ń wá, kì í ṣe 15. Alága wà nínú kíkà, akọ̀wé pẹ̀lú; àlejò kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fi ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ pé ara òun kò yá. Bí 11 péré bá wá, kí akọ̀wé má ṣe pa ìwé dé bí ẹni pé ọjọ́ náà kò mọ́ rárá. Kí ó kọ ọ́ báyìí:

"Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni a pe ìpàdé sí. Ọmọ ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé jẹ́ 46. Iye tí òfin béèrè jẹ́ 16. Ní aago 4 àbọ̀ alága ka àwọn tí ó wà níjókòó, wọ́n jẹ́ 11. Nítorí pé iye kò pé, a kò ṣe ìpinnu kankan lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́. A sún ìpàdé sí Sátidé tí ń bọ̀, ní aago 4, ní ibi kan náà. Alága tú ìjókòó ká ní aago 5 ku ogún ìṣẹ́jú."

Kí orúkọ àwọn 11 náà sì tẹ̀ lé e. Ó tán. Ohun tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ lè ṣe kò ju pé kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn tí kò wá, kí wọ́n dá ọjọ́ mìíràn, kí wọ́n sì túká. Wọn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fi ọwọ́ sí àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá, nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni ìyẹn pẹ̀lú. Bí wọ́n bá bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ náà pé "a fẹnu kò" ti purọ́ mọ́ ènìyàn 35.

Nígbà mìíràn iye yóò pé ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì já kí ìpàdé tó parí. Bí 18 bá bẹ̀rẹ̀, tí 4 sì dìde lọ ní aago 5 kọjá ogún ìṣẹ́jú, kí akọ̀wé kọ wákàtí náà, kí ó sì kọ pé ó ku 14. Ohun tí wọ́n ti pinnu ṣáájú dúró. Kí wọ́n má ṣe dìbò lórí ohunkóhun mọ́.

Àwọn kan yóò ní, bí ìjì bá ṣí òrùlé gbọ̀ngàn ńkọ́, tí káfíńtà sì ń dúró de owó? Kí àwọn 11 san án bí wọ́n bá gbóyà, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé ọrùn ara wọn ni ó wà títí ìpàdé tí ó pé yóò fi gbà á. Nígbà náà ni akọ̀wé yóò kọ pé: "Ìpàdé gbọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ 11, ní ọjọ́ tí iye kò pé, ní kí akápò san náírà 60,000 fún àtúnṣe òrùlé. Ìpàdé yìí, tí ènìyàn 21 wà níbẹ̀, fi ọwọ́ sí i." Bí ìpàdé bá kọ̀, àwọn 11 ni yóò dá owó náà padà. Èyí tí n kò lè fara mọ́ ni akọ̀wé tí ń padà sí ojú ewé àná láti fi orúkọ 5 kún 11.

Àwọn mìíràn a máa fi ìlérí Olúwa wa fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó péjọ ní orúkọ rẹ̀ dá wa lóhùn. Mo ti ń wàásù ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ó jẹ́ ìtùnú fún ẹni tí ń gbàdúrà. Kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti ná owó àwọn tí ó wà nílé. Àwọn bàbá wa mọ èyí kí ìwé tó dé, tí wọ́n fi ń pe ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá ní àgbà òṣìkà.

Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́ pé 16 kò lè péjọ mọ́, nítorí àwọn kan ti ṣí lọ sí Èkó, tí àwọn kan sì ti kú tí a kò pa orúkọ wọn rẹ́, kí a tún ìwé orúkọ ṣe ní àkọ́kọ́. Bí ìyẹn kò bá tó, kí a kéde ṣáájú fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé a fẹ́ dín iye náà kù, kí ìpàdé tí ó pé sì yí òfin padà. Láti ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, kí akọ̀wé kọ iye tuntun náà sí òkè ojú ewé, kí ó tó kọ orúkọ ẹni tí ó gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀.