Ta Ni Yóò Yẹ Aṣàyẹ̀wò Wò?

Báńkì àgbà BEAC ni ó ń ṣe owó fránkì sẹ́fà tí àwọn ará àdúgbò Kalikak ní Libreville ń ná. Ní 2009, àṣírí tú pé wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù jẹ ní ọ́fíìsì rẹ̀ tí ó wà ní Paris. Níbo ni àwọn aṣàyẹ̀wò owó abẹ́lé wà?

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Nítorí náà ni òfin iṣẹ́ àwọn aṣàyẹ̀wò abẹ́lé lágbàáyé fi pàṣẹ pé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 5, kí ará ìta yẹ iṣẹ́ wọn wò. Iṣẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe láti mú olè. Yóò ka ìwé iṣẹ́ wọn, yóò sì béèrè pé: ta ni ó lè lé olórí wọn kúrò? Ọ́fíìsì wo ni wọn kò dé rí, kí sì nìdí? Àṣìṣe tí wọ́n tọ́ka sí, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni tún un ṣe?

Òfin náà kò gba kí iléeṣẹ́ méjì máa yẹ ara wọn wò ní pàṣípààrọ̀. Ìgbìmọ̀ olùdarí ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ jábọ̀ èsì náà fún. Èrò tèmi ni pé, bí owó bá jẹ́ ti ìlú, kí ìlú náà rí èsì ọ̀hún kà.