Arábìnrin, Láìkì Kọ́ Ni Ìfẹ́

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Arábìnrin kan ti dá ẹni tó wá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ padà, torí pé arákùnrin kan ń láìkì gbogbo fọ́tò rẹ̀ lórí Fesibúùkù. Mo ní kó ṣí ojú ewé àwọn ọmọ kúáyà yòókù. Háà! Orúkọ arákùnrin yẹn wà lábẹ́ gbogbo wọn, ọkàn pupa kan náà, "o rẹwà" kan náà, fún ẹni mẹ́fà!

Ẹ tún gbọ́. Bí ẹnì kan bá ti láìkì ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, Fesibúùkù fúnra rẹ̀ á máa gbé fọ́tò ẹ síwájú rẹ̀. Kò wá ẹ lọ o, wọ́n gbé ẹ wá bá a ni.

Ṣé láìkì ò wá ní ìtumọ̀ rárá? Ó ní. Ẹni tó láìkì fọ́tò ẹ ti 2019 lóru, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó wọ ojú ewé ẹ lọ wá a, àfi bí nǹkan míì, bíi kí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nǹkan sábẹ́ fọ́tò náà, bá gbé e jáde. Ó ń wò ẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ọjà kò tíì ná an. Kọ́mẹ́ǹtì tó béèrè ọ̀rọ̀, tó padà wá gba èsì, tó sì di ìpè, ìyẹn sàn díẹ̀. Síbẹ̀, kò tíì sọ pé òun ń fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin arákùnrin tẹ́ ẹ̀ ń pín ọkàn pupa kiri, ṣé ẹ ò lẹ́nu ni?